Fọ́tò títì kan lọ́wọ́ àṣálẹ́, kò sí àlàyé kankan: báwo ni mo ṣe máa fi kọ ìtàn?

Akọ̀wé Tuntun
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ gbà mí. Nínú ẹgbẹ́ wa, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ẹnì kan máa ń gbé fọ́tò kan sílẹ̀, àwa tó kù á fi kọ ìtàn kúkurú. Ẹni náà sábà máa ń sọ iye ọ̀rọ̀ tó fẹ́, tàbí kó ní kí ọmọdé wà nínú ìtàn náà, tàbí kó jẹ́ ìtàn ìfẹ́. Ẹni tó kàn lọ́sẹ̀ yìí gbé fọ́tò tirẹ̀ sílẹ̀, kò sọ nǹkan kan. A bi í léèrè, kò fèsì.

Mi ò lè gbé e síbí nítorí kì í ṣe tèmi, àmọ́ ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: títì ọlọ́dà kan tí kò fẹ̀, ó lọ tààrà títí ó fi yà sápá òsì lẹ́yìn igi ńlá kan. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ tutù. Òpó iná mẹ́ta ló wà níbẹ̀, tàárín nìkan ló tàn. Géètì pupa kan wà lápá ọ̀tún, ó ṣí díẹ̀. Kò sí èèyàn kankan. Ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run pọ́n, òkè rẹ̀ ti di búlúù.

Mo ti kọ ojú ìwé kan àtààbọ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé: «Oòrùn ti ń wọ̀. Títì náà dákẹ́ rọ́rọ́. Atẹ́gùn tútù ń fẹ́ lẹ́lẹ́, àwọn ẹyẹ sì ń padà sí ìtẹ́ wọn.» Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí dé ìsàlẹ̀, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Sátidé la máa kà á fúnra wa. Níbo ni kí n ti mú ìtàn?

Òǹkàwé Òru
Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn gan-an ni ìtàn rẹ, ọ̀rẹ́. Ojú nìkan lo fi kọ ọ́. Jẹ́ ká gbọ́ òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, jẹ́ ká gbọ́ bí omi ṣe ń kán látorí ewé. Lẹ́yìn náà, fi òkú kan sẹ́yìn igi yẹn. Títì tó dá, tó sì ń ṣú lọ, òkú ló yẹ ẹ́. Ọwọ́ òǹkàwé kò ní kúrò lára rẹ̀.

Olóòtú Àná
Àbúrò, Òǹkàwé Òru jàre ní ìdajì. Òórùn ilẹ̀ dáa, òkú ni kò dáa, nítorí fọ́tò yẹn kọ́ ló mú un wá. Òkú lè wà lẹ́yìn igi èyíkéyìí láyé. Ohun kan náà ló ṣe ojú ìwé kan àtààbọ̀ tìrẹ. Bo fọ́tò náà mọ́lẹ̀, kó o wá ka ohun tó o kọ fún ẹni tí kò rí i. Ṣé á mọ̀ pé títì yẹn lò ń sọ, àbí títì èyíkéyìí tí ilẹ̀ ń ṣú bá? Ẹyẹ tó ń padà sítẹ̀ẹ́ ńkọ́, ṣé ẹyẹ wà nínú fọ́tò náà? O ò dárúkọ rẹ̀ nígbà tó ò ń sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún wa. Àṣálẹ́ tó wà lórí rẹ tẹ́lẹ̀ lo kọ, kì í ṣe èyí tó wà níwájú rẹ.

Ẹni tó gbé fọ́tò sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀ ti fi gbogbo ọ̀rọ̀ sínú fọ́tò. Iṣẹ́ tí màá ṣe tó bá jẹ́ èmi ni pé màá gbé ìtàn tì fún ìṣẹ́jú 10. Màá mú bébà, màá pín fọ́tò náà sí ọ̀nà mẹ́rin, màá fà á tóbi, màá sì kọ ohun tó wà ní ìdá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láìfi ẹwà kún un. Má kọ «ìdákẹ́jẹ́ẹ́», má kọ «ìbànújẹ́», kò sí èyí tójú rí nínú wọn. Kọ géètì, òpó, omi. Tó o bá ti parí, wá ohun kan níbẹ̀ tó jẹ́ pé ó ní láti jẹ́ pé ẹnì kan ló ṣe é, láìpẹ́ sí ìgbà tí wọ́n ya fọ́tò náà. Padà wá sọ ọ́ fún wa.

Kò-sí-wàhálà
Fọ́tò àṣálẹ́ máa ń bàjẹ́ tọ́wọ́ bá gbọ̀n. Gbé kámẹ́rà lé nǹkan tí kò mì, kó o sì jẹ́ kí iná òpó tàn kó o tó yà á. Má lo iná kámẹ́rà rárá, á pa gbogbo àwọ̀ ojú ọ̀run.

Ayàwòrán Ojú Títì
Ọ̀gá mi, ó ti ya fọ́tò náà tán, kódà òun kọ́ ló yà á. Ìtàn ló fẹ́ kọ. Ṣùgbọ́n ẹ rán mi létí ohun kan tó yẹ kó dá òǹkọ̀wé wa dúró. Ta ló sọ fún un pé àṣálẹ́ ni? Nínú fọ́tò, àṣálẹ́ àti àfẹ̀mọ́júmọ́ jọra bí ìbejì. Ojú ọ̀run á pọ́n nísàlẹ̀, á di búlúù lókè, òjìji ò ní sí nílẹ̀ nítorí oòrùn kò sí lókè. Èmi tí mo ti ń yàwòrán tipẹ́, mi ò lè fi ojú ọ̀run nìkan mọ̀ ọ́n.

Tí fáìlì náà bá dé ọwọ́ ẹ bó ṣe wà nínú kámẹ́rà, ṣí àlàyé rẹ̀, kó o wá ibi tí wọ́n kọ `DateTimeOriginal` sí, wàá rí aago níbẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ibi tá a ti ń fi fọ́tò ránṣẹ́ máa ń yọ ọ́ dànù, aago kámẹ́rà sì lè ṣìnà. Àmì tó wà lójú títì ló sàn láti wò.

Akọ̀wé Tuntun
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo ṣí àlàyé fáìlì náà, òfìfo ni. Àmọ́ òpó iná fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Ẹyọ kan tàn, ó ṣì rí báìbáì bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn bọ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ò tíì délẹ̀. Èmi ti fara mọ́ àṣálẹ́.

Mo ṣe ohun tí Olóòtú ní kí n ṣe. Lápá ọ̀tún nísàlẹ̀, mo rí nǹkan kan tí mi ò rí láàárọ̀. Níwájú géètì pupa yẹn, létí títì, ibì kan wà tí ilẹ̀ ò tutù. Gbogbo títì ń dán, ibẹ̀ nìkan ló ṣì láwọ̀ eérú. Ó gùn, ó ní igun mẹ́rin, etí rẹ̀ sì mú bí ẹni fi rúlà fà á. Mo kọ́kọ́ rò pé fọ́tò náà ló lábùkù.

Ayàwòrán Ojú Títì
Kì í ṣe àbùkù! Mọ́tò kan dúró síbẹ̀ nígbà tí òjò ń rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ rò ó. Kí abẹ́ mọ́tò tó lè gbẹ, mọ́tò náà ti ní láti wà níbẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn tí òjò bẹ̀rẹ̀ ló dé, abẹ́ rẹ̀ ì bá ti tutù ná. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò lọ títí òjò fi dá, nítorí tó bá lọ nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀, òjò á pa ibẹ̀ pọ̀ mọ́ ìyókù. Etí tó mú yẹn wá sọ ohun kẹta fún wa: kò tíì pẹ́ tó lọ. Omi máa ń ṣàn wọ ibi gbígbẹ, ibi tó tutù náà á sì máa gbẹ bọ̀, tó bá fi máa pẹ́ díẹ̀ àwọn méjèèjì á dàpọ̀.

Ṣùgbọ́n kí n má yára jù. Ṣé igi ńlá yẹn ò ta ẹ̀ka bo ibẹ̀? Abẹ́ igi náà máa ń gbẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ní igun mẹ́rin.

Akọ̀wé Tuntun
Rárá o, igi náà jìnnà gan-an, ọ̀hún níbi tí títì ti yà ló wà. Orí ibẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Olóòtú Àná
Àbúrò, ìtàn rẹ ti dé. Mo dìde lórí àga nígbà tí mo ka «igun mẹ́rin».

Wo ohun tó o ní báyìí tí o kò ní láàárọ̀. Ẹnì kan wa mọ́tò wá síwájú ilé kan kí òjò tó rọ̀. Ó wà níbẹ̀ jálẹ̀ òjò náà. Òjò dá, ó lọ. Láti àwọn ohun mẹ́ta yìí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kó o dojú kọ: kí ló dé tí kò wọlé? Má tíì béèrè orúkọ rẹ̀, má béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Tó o bá mọ ìdí tí kò fi wọlé, yòókù á tẹ̀ lé e.

Ohun kejì wà tí àwọn tó ń fi fọ́tò kọ ìtàn sábà máa ń gbàgbé, òun sì ni mo fẹ́ràn jù. Ta ló ya fọ́tò náà? Kámẹ́rà kì í dá dúró lójú títì. Ẹnì kan dúró síbẹ̀, mọ́tò ti lọ, géètì ṣí díẹ̀, ó sì gbé fóònù sókè láti ya ojú títì tí kò sí ẹnì kankan. Kí ni òun rí níbẹ̀ tó fi yà á? O ní kò sí èèyàn nínú fọ́tò náà. Èèyàn méjì ló wà nídìí rẹ̀: ẹni tó ti lọ, àti ẹni tá ò rí nítorí òun ló di kámẹ́rà mú.

Òǹkàwé Òru
Mo kó òkú mi kúrò. Àmọ́ mo ní ìbéèrè. Bí ìtàn bá ti ojú ẹni tó ń yàwòrán wá, báwo ni òǹkàwé ṣe máa mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú mọ́tò? Èmi máa jẹ́ kí apá àkọ́kọ́ wà nínú mọ́tò, kí apá kejì wà lẹ́nu géètì.

Olóòtú Àná
Ìwé tó gùn ni ìyẹn yẹ fún. Ní ìtàn ọ̀rọ̀ 700 tàbí 800, bó o bá ti wọnú mọ́tò, o ti sọ ìdí tí kò fi wọlé, ìtàn náà sì ti tán kó o tó dé ẹnu géètì. Ojú kan ni mo fara mọ́. Kí òǹkàwé mọ ìwọ̀n tí ẹni tó dúró lẹ́nu géètì mọ̀, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Màmá Alálọ̀ọ́
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ń kà á látàárọ̀, mi ò fẹ́ dá sí i, àmọ́ ibi gbígbẹ yẹn kò jẹ́ kí n dákẹ́.

Èmi ti jókòó sínú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ rí. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin jà, ọdún mẹ́ta la ò fi bára wa sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan mo wa mọ́tò lọ sílé rẹ̀, mo dúró sójú kejì títì, mo pa ẹ́ńjìnnì. Òjò dé. Mo ní kí òjò dá ná. Ẹni tí kò bá ṣe é rí kò ní mọ bó ṣe ń rí: èémí èèyàn á bo gíláàsì. Èèyàn á fi ọwọ́ nu ojú ihò kékeré kan láti máa wo ẹnu ọ̀nà, kò ní pẹ́, á tún bò. Mo nu ún títí etí ọwọ́ aṣọ mi fi rin. Nígbà tí òjò dá, mi ò ní àwíjàre mọ́, mo sì di ilẹ̀kùn mọ́tò mú pé kí n ṣí i. Ìgbà yẹn ni iná òpó tàn sórí mi. Gbogbo inú mọ́tò mọ́lẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa rí mi látinú ilé, ojú tì mí, mo ṣíná sí mọ́tò, mo lọ.

Mo kọ ọ́ ní ìtàn nígbà kan, mo fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn kan, wọ́n dá a padà. Ó dùn mí nígbà náà. Ẹ̀yìn ọdún bíi mélòó kan ni mo tún un kà, mo rí i pé mo fi ojú ìwé kan gbáko ṣàlàyé ìjà tá a jà. Kò yẹ kí n sọ ìjà náà rárá.

Akọ̀wé Tuntun
Màmá, ẹ ṣé gan-an. Òpó tó tàn ni mi ò mọ ohun tí mo lè fi ṣe. Mo ti ń ronú láti yọ ọ́ kúrò. Ṣé ẹ gbà mí láyè kí n lo iná tó tàn lójijì yẹn? Mi ò ní lo ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti àbúrò yín.

Màmá Alálọ̀ọ́
Mú un, ọmọ mi. Iná kì í ṣe tèmi.

Ayàwòrán Ojú Títì
Mo fẹ́ sọ nǹkan méjì nípa ìmọ́lẹ̀ kó o tó jókòó tì í.

Èkíní, ìmọ́lẹ̀ àṣálẹ́ ló máa sọ bí ìtàn rẹ ṣe máa gùn tó nínú aago. Níbi tó bá sún mọ́ agbedeméjì ayé, láti ìgbà tí oòrùn bá ti wọ̀ tán, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 25 lọ tí èèyàn ò fi ní rí nǹkan dáadáa mọ́ níta láìtan iná. Níbi tó bá jìnnà gan-an sí i, ó lè gbà ju wákàtí kan lọ nígbà tí ọ̀sán bá gùn. Mú ọ̀kan, má fi ẹnu sọ ọ́, ṣùgbọ́n jẹ́ kí ìtàn rẹ tẹ̀ lé e. Tí ẹni rẹ bá jáde síta nígbà tí ojú ọ̀run ṣì pọ́n, kò lè dúró síbẹ̀ ronú fún wákàtí méjì kí ojú ọ̀run sì tún pọ́n síbẹ̀. Mo máa ń rí i nínú ìtàn, ó máa ń bí mi nínú.

Èkejì, géètì pupa yẹn. Ohun tí kámẹ́rà rí nìyẹn. Ojú èèyàn kì í rí i bẹ́ẹ̀ tó bá ti ń ṣú gan-an. Pupa ló máa ń kọ́kọ́ dúdú lójú wa bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń lọ, nígbà tí búlúù àti ewé á ṣì máa hàn. Dúró ti òdòdó pupa nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, wàá rí i tó dà bí èédú láàárín ewé tó ṣì yọ. Nítorí náà, tó o bá kọ «géètì pupa» sẹ́nu ẹni tó dúró níbẹ̀ lópin ìtàn, fọ́tò lò ń dà kọ. Ẹni tó ń gbé ilé náà mọ̀ pé pupa ni, ṣùgbọ́n dúdú ló máa rí.

Akọ̀wé Tuntun
Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo da ojú ìwé kan àtààbọ̀ àkọ́kọ́ nù. Ìbẹ̀rẹ̀ tuntun rèé:

«Nígbà tí òjò dá, mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì mọ́tò níta. Mo rò pé ẹnì kan ló ń bọ̀, mo mú aṣọ ìlékè mi, mo jáde. Mọ́tò náà ti dé ibi igi ńlá kí n tó ṣí géètì dé ìdajì. Iná pupa méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tàn, wọ́n yà sósì, wọ́n lọ.

Mo fẹ́ ti géètì padà. Ìgbà yẹn ni mo rí ilẹ̀.

Gbogbo ojú títì ló tutù àfi ibì kan níwájú mi, tó gùn tó mọ́tò kan. Mo dúró létí rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, bàtà mi ò rin. Mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ìṣísẹ̀ mẹ́fà. Òjò yẹn ti bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí mo gbé omi kaná. Mo ti wẹ̀, mo ti jẹun, mo ti fọ abọ́, mo ti jókòó síwájú fèrèsé tí mo ń wo òjò, mi ò wo títì.

Omi kékeré kan ti ń wọ́ bọ̀ láti apá òkè. Mo yọ fóònù mi. Ó dà bí ẹni pé tí mi ò bá yà á, kò ní sẹ́ni tó máa gbà mí gbọ́.»

Olóòtú Àná
Hẹn-ẹn! «Mo ń wo òjò, mi ò wo títì.» Má fọwọ́ kan ìyẹn mọ́ láé.

Yọ «ó dà bí ẹni pé» kúrò nínú gbólóhùn tó kẹ́yìn. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kì í sọ pé ó dà bíi. «Tí mi ò bá yà á, kò sẹ́ni tó máa gbà mí gbọ́.» Ìṣísẹ̀ mẹ́fà dáa, nítorí ẹsẹ̀ ló fi wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n lọ wọn mọ́tò kan ná. Mo rò pé ó lé díẹ̀ tó bá jẹ́ ìṣísẹ̀ gígùn.

Òǹkàwé Òru
Ó wọ̀ mí lára. Àmọ́ mi ò tíì gbà pé ká má mọ ẹni tó wà nínú mọ́tò náà. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ò bá ní ẹnikẹ́ni lọ́kàn, kí ló ṣe yẹ kó dùn ún? Kó kàn ní orúkọ kan, ẹyọ kan péré.

Màmá Alálọ̀ọ́
Má fún un lórúkọ. Kó sọ pé «ó» tàbí «òun», bí ẹni tí kò lè pe orúkọ náà.

Olóòtú Àná
Èmi àti Màmá ò ní para pọ̀ níbí. Òǹkàwé Òru jàre. Orúkọ kan, kó jáde lẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, láìsí àlàyé kankan lẹ́yìn rẹ̀. Bí o bá lo «ó» nìkan, òǹkàwé á máa wá ẹni tí í ṣe kiri, kò ní wo ilẹ̀ gbígbẹ yẹn mọ́.

Akọ̀wé Tuntun
Mo kọ ọ́ ní ọ̀nà méjèèjì lálẹ́ àná. Èyí tó ní orúkọ jẹ́ ọ̀rọ̀ 742, èyí tí kò ní jẹ́ 731. Mi ò tíì mọ èyí tí mo máa kà lọ́jọ́ Sátidé. Mo lọ wọn mọ́tò ẹnì kan ní ìta, ìṣísẹ̀ mẹ́fà ló jẹ́, ìṣísẹ̀ ẹni tó rọra ń rìn. Ní ìparí àwọn méjèèjì, iná òpó tàárín tàn, ẹni náà rí òjìji ara rẹ̀ tó bọ́ sórí ibi gbígbẹ náà, ó sì padà wọlé. Géètì ni mi ò tíì mọ̀ bóyá kó tì í.

Màmá Alálọ̀ọ́
Nínú fọ́tò náà, ṣebí ó ṣí.

Akọ̀wé Tuntun
Ó ṣí, Màmá.